Ọgbọ́n ìrántí fún nẹ́ẹ̀fù orí méjìlá, ìyípo ìlù ọkàn àti iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ kí ìdánwò nọ́ọ̀sì tó dé

Akẹ́kọ̀ọ́_Ọdún_Kejì

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ìdánwò wa ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Orúkọ nẹ́ẹ̀fù orí méjèèjìlá wà lórí mi, àmọ́ tí wọ́n bá ní kí n sọ iṣẹ́ èyí tó jẹ́ ìkarùn-ún tàbí ìkeje, gbogbo rẹ̀ a dàpọ̀. Ti ìyípo ìlù ọkàn náà, mi ò mọ fáàfù tó ń ṣí àti èyí tó ń tì nígbà wo. Iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ ló wá le jù fún mi: àmì pòtásíọ̀mù àti ti kálísíọ̀mù ò yàtọ̀ síra lójú mi mọ́. Ọgbọ́n ìrántí wo lẹ ń lò tí kì í sá lọ nínú gbọ̀ngàn ìdánwò?

Olùkọ́_Wọ́ọ̀dù

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí nẹ́ẹ̀fù. Gbólóhùn tó ń rán yín létí orúkọ nìkan ò tó, torí ìdánwò kì í sábà ní kẹ́ ẹ máa ka orúkọ. Ohun tí wọ́n ń wá ni ọ̀nà tí iṣẹ́ ń gbà: ṣé nẹ́ẹ̀fù yìí ń gba ìròyìn wọ inú ọpọlọ ni, àbí ó ń rán àṣẹ jáde, àbí ó ń ṣe méjèèjì? Ẹ fi G dúró fún gbà, R fún rán, M fún méjèèjì. Kẹ́ ẹ wá há gbólóhùn ọlọ́rọ̀ méjìlá yìí sórí, ọ̀rọ̀ kan fún nẹ́ẹ̀fù kan, láti ìkíní dé ìkejìlá:

"Gbogbo géńdé rọra ra màlúù rẹpẹtẹ, màmá gba mẹ́ta mọ́ra, rẹ́rìn-ín, relé."

Ẹ máa fi ìka kà á bẹ́ ẹ ṣe ń pè é. "Gbogbo" ni ìkíní, ìyẹn nẹ́ẹ̀fù òórùn, G ló sì bẹ̀rẹ̀, torí pé gbígbà nìkan niṣẹ́ rẹ̀. "Màlúù" bọ́ sí ìkarùn-ún, tiráíjẹ́mínà, ó ń gba ìròyìn, ó sì ń rán àṣẹ. "Gba" bọ́ sí ìkẹjọ, nẹ́ẹ̀fù ìgbọ́ràn àti ìdúróṣinṣin ara, ìyẹn náà ò mọ̀ ju gbígbà lọ. Bẹ́ ẹ bá kà á tán, ẹ ó rí i pé mẹ́ta péré ló ń gbà láìrán: 1, 2 àti 8. Mẹ́rin ló ń ṣe méjèèjì: 5, 7, 9 àti 10. Márùn-ún tó kù, 3, 4, 6, 11 àti 12, àṣẹ ni wọ́n ń rán.

Àǹfààní rẹ̀ lọ́jọ́ ìdánwò ni pé bí wọ́n bá to ìdáhùn mẹ́rin sílẹ̀, tí wọ́n sì bi yín pé nẹ́ẹ̀fù wo ló bà jẹ́ tí aláìsàn ò fi lè gbé èjìká sókè, ẹ mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé nẹ́ẹ̀fù tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú G ò lè jẹ́ ìdáhùn. Nẹ́ẹ̀fù tí kì í rán àṣẹ ò lè gbé èjìká.

Bọ̀dé_Ìdánwò

Olùkọ́, màlúù yẹn ti pọ̀ jù fún ẹni tó ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọ̀nà tó kúrú wà. 3, 4 àti 6 ló ni yíyí ẹyinjú. 7 ló ni gbogbo ojú: ẹ̀rín, jíjẹ nǹkan lẹ́nu, kéèyàn mọ̀ pé ọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ òun, gbogbo rẹ̀. 8 ni etí. Ó parí.

Olùkọ́_Wọ́ọ̀dù

Ti 3, 4 àti 6 tọ́ délẹ̀. Ti 7 ló ń gba máàkì lọ́wọ́ àwọn ọmọ, torí náà ẹ jẹ́ ká dúró síbẹ̀ díẹ̀. Nẹ́ẹ̀fù 5 ló mọ̀ pé nǹkan kan ojú, òun náà ló sì ń mú kí àgbọ̀n jẹ nǹkan. Nẹ́ẹ̀fù 7 ló ń mú ojú rẹ́rìn-ín, tó ń mú kó fajú ro, tó ń pa ìpéǹpéjú dé, tó sì ń tọ́ adùn wò ní ìdá méjì nínú mẹ́ta ahọ́n níwájú. Ẹni tí 7 rẹ̀ bà jẹ́, ẹnu rẹ̀ á wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, síbẹ̀ tẹ́ ẹ bá fi òwú kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, á mọ̀ ọ́n.

Ohun tó máa jẹ́ kó dúró nínú orí ni kẹ́ ẹ so nẹ́ẹ̀fù pọ̀ ní méjì méjì: ọ̀kan gba ìròyìn wọlé, èkejì rán èsì jáde. Ìmọ́lẹ̀ wọ inú ẹyinjú gba 2, ọmọlójú sún kì gba 3. Òwú kan ẹyinjú, ìròyìn gba 5 wọlé, ìpéǹpéjú pa dé gba 7. Igi kan ẹ̀yìn ọ̀fun, ìròyìn gba 9, ọ̀fun sún kì gba 10. Ẹ kàn máa pè é ní 2 sí 3, 5 sí 7, 9 sí 10.

Ẹ wò ó bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ẹ fi fọ́nrán òwú kékeré kan ẹyinjú òsì aláìsàn. Lára ẹni tó dá ṣáká, ojú méjèèjì ló máa ń ṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ká ní ojú ọ̀tún ṣẹ́, àmọ́ tòsì ò ṣẹ́. Ìròyìn ti wọlé nìyẹn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ọ̀tún ò bá má ṣẹ́. Ọ̀nà àbájáde ló bà jẹ́, nẹ́ẹ̀fù 7 lápá òsì. Ká wá ní ẹ kan òsì, tí ojú kankan ò ṣẹ́, ẹ wá kan ọ̀tún, tí méjèèjì ṣẹ́. Ọ̀nà àbájáde pé nìyẹn ní ìhà méjèèjì, àbáwọlé òsì ló bà jẹ́, ìyẹn 5. Ẹni tó bá mọ 5 sí 7 lè dá ìbéèrè yìí dáhùn láìrí i rí.

Akẹ́kọ̀ọ́_Ọdún_Kejì

Ẹ ṣeun gan-an, Olùkọ́. Ṣé a jẹ́ pé bí 9 sí 10 bá ń ṣiṣẹ́ dáadáa lára ẹni tó ní rọpárọsẹ̀, a lè fún un ní omi mu?

Olùkọ́_Wọ́ọ̀dù

Rárá o. Kí ọ̀fun sún kì nígbà tí igi kàn án ò sọ pé ẹni náà lè gbé omi mì láìjẹ́ kó gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró. Àwọn tí ara wọn le koko náà wà tí ọ̀fun wọn kì í dáhùn sí igi. Àyẹ̀wò gbígbé-mì lọ́tọ̀ la máa ń ṣe kó tó jẹ tàbí mu ohunkóhun, títí kan oògùn oníhóró. Bí ìdáhùn méjì bá jọra nínú ìdánwò, tí ọ̀kan ní "kí a máà fún un ní nǹkan kan lẹ́nu títí a ó fi yẹ gbígbé-mì rẹ̀ wò", ìyẹn ni kẹ́ ẹ mú.

Ewé_Tútù

Olùkọ́, ẹ kú làálàá. Èmi ò fara mọ́ ọ̀rọ̀ gbólóhùn rárá. Ìwé òfo ni mo gbà gbọ́. Ya orí èèyàn kan sí i, kọ nọ́ńbà méjèèjìlá síbi tí iṣẹ́ wọn wà: 1 sórí imú, 2 sínú ẹyinjú, 5 sí àgbọ̀n, 7 sí ètè, 11 sí èjìká, 12 sórí ahọ́n. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ya òmíràn láìwo ti àná. Ẹni tó bá ń ka gbólóhùn lórí máa ní láti ka gbogbo rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ kó tó dé ìkẹwàá, àkókò sì ń lọ.

Olùkọ́_Wọ́ọ̀dù

Ohun tó sọ nípa ìkẹwàá yẹn jẹ́ òótọ́, mi ò sì ní bá a jiyàn. Àmọ́ àwòrán náà ò sọ èyí tó ń gbà àti èyí tó ń rán. 10 gan-an ò sì níbi kan pàtó tí a lè fi sí, torí ó ti ọ̀fun lọ dé ọkàn àti ìfun. Kí kálukú mú èyí tó bá orí rẹ̀ mu.

Ìyá_Ìbejì

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí, mo rí i pé ẹ ń sọ̀rọ̀ iyọ̀ ẹ̀jẹ̀. Èsì àyẹ̀wò bàbá mi dé lónìí, wọ́n kọ pòtásíọ̀mù 6.2 síbẹ̀. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ gbà ò dára tó, ṣé kí n kàn dín iyọ̀ ọbẹ̀ wọn kù?

Nọ́ọ̀sì_Kíndìnrín

Ẹ ǹlẹ́ o, ìyá. Iyọ̀ ọbẹ̀ kọ́ ni ọ̀rọ̀ wà yìí. Sódíọ̀mù ló wà nínú iyọ̀ tá a fi ń se ọbẹ̀. Pòtásíọ̀mù yàtọ̀ sí i. Ẹ tún máa ṣọ́ra fún iyọ̀ tí wọ́n ń tà fún àwọn tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, torí pòtásíọ̀mù ló pọ̀ nínú òmíràn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pe dókítà wọn lónìí yìí, kẹ́ ẹ má dúró dọ̀la. Bó bá rẹ̀ wọ́n jù, tí ẹsẹ̀ wọn ò lágbára, tí àyà wọn ń já, tàbí tí wọ́n ní àìsàn kíndìnrín, ilé ìwòsàn pàjáwìrì ni kẹ́ ẹ gbé wọn lọ ní báyìí.

Ó ṣeé ṣe kí nọ́ńbà náà má jóòótọ́. Nígbà tí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ bá fọ́ nínú ìgò, tàbí tí wọ́n bá di apá pẹ́ jù, tí aláìsàn sì ń di ẹ̀ṣẹ́ tó sì ń tú u, pòtásíọ̀mù inú sẹ́ẹ̀lì á dà síta sínú ìgò, èsì á sì ga ju ohun tó wà nínú ara lọ. Àmọ́ a kì í gbà pé irọ́ ni títí a ó fi gba ẹ̀jẹ̀ mìíràn, tá a ó sì wo ECG, àwòrán iná ọkàn wọn. Àwọn tó ní kíndìnrín wọn ń ṣiṣẹ́ dáadáa nìkan kọ́ ni ẹ̀jẹ̀ máa ń fọ́ nínú ìgò wọn.

Ìyá_Ìbejì

Mo ti pè wọ́n. Wọ́n ní ká máa bọ̀. Ẹ ṣé o.

Kọ́lá_Pàjáwìrì

Kí Ọlọ́run fún bàbá lálàáfíà. Ẹ jẹ́ kí n mú ti ọkàn, nítorí láìmọ̀ ọ́n, ọ̀rọ̀ ECG àti pòtásíọ̀mù ò ní yé èèyàn.

Fáàfù kì í ṣe ohun tó yẹ kéèyàn há sórí. Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ló ń ṣí i, òun náà ló ń tì í. Òfin kan péré ló wà: bí ìfúnpá ẹ̀yìn rẹ̀ bá ju ti iwájú lọ, ó ṣí, bí ti iwájú bá ju ti ẹ̀yìn lọ, ó tì. Ẹ mú òfin yìí dání, kẹ́ ẹ tẹ̀ lé ẹ̀jẹ̀ ní apá òsì ọkàn.

Yàrá ìsàlẹ̀ dẹ̀, ìfúnpá inú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó òdo. Ti yàrá òkè ju tirẹ̀ lọ, nítorí náà fáàfù mítírà tó wà láàárín wọn ṣí, ẹ̀jẹ̀ sì ń ṣàn wọlé fúnra rẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ náà ti wọlé kí yàrá òkè tó fún ara rẹ̀. Ìyókù ló ń tì wọlé. Nígbà tó bá parí, nǹkan bí 120 mL ló wà nísàlẹ̀. Yàrá ìsàlẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í fún ara rẹ̀. Lójú ẹsẹ̀, ìfúnpá rẹ̀ kọjá ti òkè, mítírà tì: lúbù. Àmọ́ ìfúnpá inú aọ́tà ṣì wà ní nǹkan bí 80 mmHg, yàrá ìsàlẹ̀ ò tíì tó bẹ́ẹ̀, fáàfù aọ́tà ò sì tíì ṣí. Gbogbo fáàfù ló tì nígbà yẹn, 120 mL yẹn ò dín, kò lé. Bí ìfúnpá bá kọjá 80, fáàfù aọ́tà ṣí, nǹkan bí 70 mL jáde, 50 ló kù. Yàrá ìsàlẹ̀ dẹ̀, ìfúnpá rẹ̀ já sísàlẹ̀ ti aọ́tà, fáàfù aọ́tà tì: dúbù. Gbogbo fáàfù tún tì lẹ́ẹ̀kejì títí ìfúnpá fi bọ́ sísàlẹ̀ ti yàrá òkè, ìgbà náà ni mítírà tún ṣí.

Nítorí náà, bí wọ́n bá béèrè iye ìgbà tí fáàfù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń tì pa pọ̀ nínú ìyípo kan, ẹ̀ẹ̀mejì ni.

Bọ̀dé_Ìdánwò

Ẹ̀gbọ́n Kọ́lá, èyí yé mi ju ti ìwé lọ. Ṣé a jẹ́ pé lúbù ni ìgbà tí fáàfù kan ṣí, dúbù ni ìgbà tó tì?

Kọ́lá_Pàjáwìrì

Ó ti, àbúrò. Títì ni méjèèjì. Fáàfù tó dára kì í pariwo tó bá ń ṣí. Lúbù ni títì àwọn fáàfù tó wà láàárín yàrá òkè àti ìsàlẹ̀, dúbù ni títì àwọn tó wà lẹ́nu ọ̀nà àbájáde. Bí o bá gbọ́ ìró nígbà tí fáàfù ń ṣí, nǹkan ń ṣe fáàfù náà.

Fún àkókò, ẹ rántí 1, 3, 4. Bí ọkàn bá ń lù ní 75 ní ìṣẹ́jú kan, ìyípo kan gba ìṣẹ́jú-àáyá 0.8: 0.1 fún fífún yàrá òkè, 0.3 fún fífún yàrá ìsàlẹ̀, 0.4 fún ìsinmi gbogbo ọkàn. Ibi tí wọ́n ti ń dẹ pàkúté ni ìgbà tí ọkàn bá yára. Bó bá di 150, ìyípo kan ò ju 0.4 lọ. Ìsinmi ló ń kù jù, fífún kì í dín tó bẹ́ẹ̀. Ẹran ọkàn apá òsì sì ń gba púpọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ lákòókò ìsinmi yìí. Òun ló fi jẹ́ pé ẹni tí òpó ẹ̀jẹ̀ ọkàn rẹ̀ ti há máa ń ní ìrora àyà nígbà tí ọkàn rẹ̀ bá ń sáré.

Lórí ECG, ìgbì QRS ń wá ṣáájú lúbù díẹ̀, ìgbì T sì ń parí lẹ́bàá dúbù. T yẹn ni ìgbà tí yàrá ìsàlẹ̀ ń gba agbára iná rẹ̀ padà, ibẹ̀ sì ni pòtásíọ̀mù ti ń sọ̀rọ̀ jù. Mo fi ìyókù sílẹ̀ fún Nọ́ọ̀sì Kíndìnrín.

Nọ́ọ̀sì_Kíndìnrín

Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n. Àṣìṣe tí mo ń rí jù ni kéèyàn máa fi "ara kò lágbára" dá pòtásíọ̀mù tó ga mọ̀ yàtọ̀ sí èyí tó lọ sílẹ̀. Kò ṣeé ṣe. Méjèèjì ló ń mú iṣan ara rọ. Ẹ wo T dípò rẹ̀: bí pòtásíọ̀mù bá gòkè, T gòkè, ó sì ṣóńṣó, bó bá lọ sílẹ̀, T tẹ́, ìgbì kékeré tí wọ́n ń pè ní U sì lè yọ lẹ́yìn rẹ̀. Ìfun náà ń tẹ̀ lé e: bó bá ga, ìfun lè máa yára, inú a máa lọ, bó bá lọ sílẹ̀, ìfun a dákẹ́, inú a wú. T àti ìfun ń tẹ̀ lé pòtásíọ̀mù sókè sódò. Ẹ fi mọ síbẹ̀.

Bó bá ga jù, T ló sábà máa ń kọ́kọ́ yí padà, lẹ́yìn náà P á tẹ́, á sì parẹ́, QRS á wá fẹ̀. Àmọ́ ọkàn ò ní kó máa tẹ̀ lé ètò ìwé. Ẹlòmíràn lè ní 7 kí ECG rẹ̀ má fi nǹkan kan hàn, torí náà ECG tó dára ò túmọ̀ sí pé ewu ò sí.

Kálísíọ̀mù wá ńkọ́? Ẹ fi í ṣe ọlọ́dẹ tó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn nẹ́ẹ̀fù. Bí ọlọ́dẹ bá dín, ẹnikẹ́ni ló ń wọlé: nẹ́ẹ̀fù ń ta kiji láìnídìí. Ètè a máa ṣe gìrìgìrì, ọwọ́ a máa ká. Ẹ fi ìka kan iwájú etí níbi tí nẹ́ẹ̀fù 7 ti kọjá, ẹ̀gbẹ́ ẹnu á fò. Tàbí kẹ́ ẹ di apá pẹ̀lú ẹ̀rọ ìwọn ìfúnpá, kẹ́ ẹ fẹ́ ẹ kọjá ìfúnpá òkè rẹ̀ pẹ̀lú nǹkan bí 20 mmHg, kẹ́ ẹ fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta: ọwọ́ á ká, ìka á nà ṣánṣán. Bí ọlọ́dẹ bá pọ̀ jù, ohun gbogbo a falẹ̀: ara rírẹ̀, ìgbẹ́ tó le, oorun àsùnjù. Àmì tó ń ta kiji jẹ́ ti kálísíọ̀mù kékeré. Ara rírọ ti pòtásíọ̀mù kì í ta kiji bẹ́ẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́_Ọdún_Kejì

Ó ti ń yé mi. Ṣé mo lè dán ìbéèrè kan wò? Nínú ìbéèrè àtijọ́ wa: aláìsàn kíndìnrín kan, pòtásíọ̀mù 6.8, T ṣóńṣó, QRS fẹ̀. Wọ́n ní kí la ó kọ́kọ́ fún un: ínsúlínì pẹ̀lú gúlúkóòsì, kálísíọ̀mù gúlúkónéètì, oògùn tó ń mú kó tọ̀, àbí kí wọ́n fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀? Mo mú ínsúlínì nítorí òun ló ń mú pòtásíọ̀mù wálẹ̀. Wọ́n ní kálísíọ̀mù ni. Báwo ló ṣe jẹ́ bẹ́ẹ̀ nígbà tí kò mú nọ́ńbà náà wálẹ̀ rárá?

Nọ́ọ̀sì_Kíndìnrín

Ohun tó ò ń bi mí yẹn gan-an ló wà nídìí ìbéèrè náà. Rántí ọlọ́dẹ. Pòtásíọ̀mù tó pọ̀ ti mú kí iná inú sẹ́ẹ̀lì ọkàn dàrú, QRS tó fẹ̀ sì ń sọ pé ọkàn lè dúró nígbàkigbà. Kálísíọ̀mù kì í lé pòtásíọ̀mù lọ, ọkàn ló ń dáàbò bò, ó sì ń ṣiṣẹ́ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ínsúlínì máa ń gba bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí ogún kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ fẹ́ dúró ò lè dúró dè é.

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni kó o há: bò ó, tì í, lé e. Bò ó: kálísíọ̀mù bo ọkàn. Tì í: ínsúlínì ti pòtásíọ̀mù wọ inú sẹ́ẹ̀lì. Lé e: oògùn ìtọ̀, oògùn tó ń gbé e gba inú ìfun jáde, tàbí ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀, ló ń lé e kúrò nínú ara pátápátá. Bí ìdáhùn mẹ́ta yìí bá wà pa pọ̀ tí ECG sì ti yí padà, èyí tó wà lábẹ́ "bò ó" ló ṣáájú. Bí ECG bá dára, ìbéèrè náà ti yí padà nìyẹn. Kọ́kọ́ ka ECG kó o tó yan ìdáhùn.

Ìwọ̀n tó máa ń wà nínú ìlànà ni kálísíọ̀mù gúlúkónéètì 10%, 10 mL, gba inú iṣan ẹ̀jẹ̀ láìyára, pẹ̀lú ECG lójú. Àwọn ìlànà kan ń lo 30 mL. Iṣẹ́ rẹ̀ kì í ju ìṣẹ́jú 30 sí 60 lọ, òun ni a fi ń tètè tẹ̀ lé e pẹ̀lú ínsúlínì. Ti ínsúlínì, ẹyọ 10 pẹ̀lú gúlúkóòsì gíráàmù 25 ló wọ́pọ̀, ìyẹn 50 mL gúlúkóòsì 50%. Ohun tó ń yọ àwọn nọ́ọ̀sì lẹ́nu níbẹ̀ ni pé ínsúlínì ń pẹ́ lára ju gúlúkóòsì lọ, pàápàá lára ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ò ṣiṣẹ́. Ṣúgà á já sílẹ̀ lẹ́yìn tí gbogbo èèyàn ti rò pé ó ti tán. A máa ń wọn ṣúgà léraléra fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà.

Bọ̀dé_Ìdánwò

Tó bá wá jẹ́ pé ó lọ sílẹ̀ ńkọ́, ká kàn fa pòtásíọ̀mù sínú síríńjì ká gún un?

Nọ́ọ̀sì_Kíndìnrín

Láéláé! Pòtásíọ̀mù tí a kò pò, tí a gún tààrà sínú iṣan ẹ̀jẹ̀, lè dá ọkàn dúró. Inú omi dírípù la ń pò ó sí, pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ bó ṣe ń ṣàn. Nínú iṣan ọwọ́, 10 mmol ní wákàtí kan ni ọ̀pọ̀ ìlànà ń fi ṣe òdiwọ̀n. Bó bá máa jù bẹ́ẹ̀ lọ, aláìsàn gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ ECG. Ẹ tún wo bó ṣe ń tọ̀ kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí kò tọ̀ kò lè lé èyí tó bá pọ̀ jù jáde.

Bí ẹ bá sì ń fún un tí nọ́ńbà kọ̀ tí kò gòkè, ẹ béèrè mágínísíọ̀mù. Bí mágínísíọ̀mù bá kéré, kíndìnrín á máa da pòtásíọ̀mù nù sínú ìtọ̀ bẹ́ ẹ ṣe ń fún un.

Ewé_Tútù

Ìbéèrè kan kù tí mi ò rí ẹni tó yanjú rẹ̀. Ìwé tiwa ní pòtásíọ̀mù tó dára wà láàárín 3.5 sí 5.0. Wọ́ọ̀dù tí mo ti ń ṣiṣẹ́ kọ 3.5 sí 5.5 sórí èsì. Èwo ni kí ọmọ náà há?

Kọ́lá_Pàjáwìrì

3.5 sí 5.0 ni mo máa ń sọ fún wọn.

Nọ́ọ̀sì_Kíndìnrín

Ilé àyẹ̀wò kọ̀ọ̀kan ń fi ẹ̀rọ tirẹ̀ ṣe òdiwọ̀n, torí náà lórí wọ́ọ̀dù, èyí tó wà lórí ìwé èsì lẹ ó tẹ̀ lé. Fún ìdánwò, èyí tí ilé ìwé yín ń kọ́ yín. Àwọn tó ń ṣe ìbéèrè tó dára kì í fi 5.2 dán èèyàn wò, 6.8 tàbí 2.6 ni wọ́n máa ń kọ, kó má bàa sí àríyànjiyàn.

Akẹ́kọ̀ọ́_Ọdún_Kejì

Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀: G, R, M fún nẹ́ẹ̀fù, 2 sí 3, 5 sí 7, 9 sí 10. Òfin ìfúnpá fún fáàfù. T àti ìfun ń tẹ̀ lé pòtásíọ̀mù, ọlọ́dẹ ni kálísíọ̀mù, bò ó, tì í, lé e. Mo wá ń wò ó pé: bí aláìsàn bá ní ètè tó ń fò nígbà tí mo fi ìka kan iwájú etí rẹ̀, ṣé nẹ́ẹ̀fù 7 ló bà jẹ́?

Olùkọ́_Wọ́ọ̀dù

Rárá, ọmọ mi. Nẹ́ẹ̀fù tó bà jẹ́ kì í fò, ńṣe ló máa ń dákẹ́. Nẹ́ẹ̀fù 7 yẹn pé, kálísíọ̀mù tó dín ló jẹ́ kó máa yára dáhùn jù. Kọ́kọ́ wo èsì kálísíọ̀mù rẹ̀, kó o sì béèrè bóyá wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ ọrùn fún un, torí bí wọ́n bá gé ẹṣẹ́ kékeré tó ń ṣọ́ kálísíọ̀mù nígbà tí wọ́n ń yọ gẹ̀gẹ̀, àárín ọjọ́ kan sí méjì ló sábà máa ń fi hàn.